Ìpín Kan Ṣoṣo Tàbí Gbogbo Ọjà? Ohun Tí Ọdún 2008 Fi Han Ẹni Tó Ń Fowó Pamọ́ De Ọjọ́ Alẹ́

Ní ìparí ọdún 2007, ẹni tó bá wọ yàrá ìròyìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kò ní kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Iye tí ìpín ìdókòwò báńkì kọ̀ọ̀kan gùn dé ní àná ni yóò gbọ́. Akọ̀ròyìn eré ìdárayá ń sọ ọ́, awakọ̀ olóòtú ń sọ ọ́, ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wa náà ti gba fọ́ọ̀mù ìpín tuntun, ó ká a sínú ìwé tó fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tí kò bá ní ìpín lọ́wọ́ nígbà náà dà bí ẹni tí kò yọjú sí òde tí gbogbo àdúgbò lọ.

Èmi náà lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2008, mo kó ₦180,000, owó tí mo ti ń fi pamọ́ láti fi gba ilé tó dára ju èyí tí mo wà lọ, mo fi ra ìpín báńkì kan ṣoṣo. N kò ka ìwé ìṣirò owó báńkì náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mi ni láti máa ka ìwé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ ẹnìkan níbẹ̀ sọ pé ìpín náà yóò di ìlọ́po méjì kí ọdún tó parí. Kò pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ohun tó kù níbẹ̀ kò fi tó san owó ilé oṣù méjì. Orúkọ báńkì náà kò ṣe kókó, nítorí pé kì í ṣe báńkì náà ni mo fẹ́ bá wí lónìí, bí kò ṣe ọ̀nà tí mo gbà ra ìpín rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé ọjà ìpín Nàìjíríà tún ti ń gùn láti bí ọdún mélòó kan, ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń bi mí kò yàtọ̀ sí èyí tí a ń bi ara wa nígbà náà: ìpín wo ni kí n rà? Èrò tèmi ni pé fún ẹni tó ń fi owó pamọ́ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbéèrè náà gan-an kò tọ̀nà. Ohun tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rà ni gbogbo ọjà lápapọ̀, díẹ̀díẹ̀, nípasẹ̀ ohun tí n ó máa pè ní àpò atọ́ka nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Kí ni atọ́ka? Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, tó ń sọ bí ọjà ṣe ń gùn tàbí tó ń wálẹ̀. Èyí tí a ń gbọ́ nínú ìròyìn alẹ́ ní Nàìjíríà ni Atọ́ka Gbogbo Ìpín, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí 100 ní oṣù kìíní ọdún 1984. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà lọ́jà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọọgba. Bí iye owó gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe tóbi tó ni ipa rẹ̀ lórí atọ́ka náà ṣe máa tóbi tó. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá gùn díẹ̀, atọ́ka yóò mì. Bí kékeré kan bá kú pátápátá, agbára káká ni atọ́ka yóò fi mọ̀.

Àpò atọ́ka ni owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá jọ, tí ilé-iṣẹ́ kan gbà lọ́wọ́ wọn, tó fi ra ìpín gbogbo àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nínú atọ́ka kan, ní ìwọ̀n gan-an tí atọ́ka náà fi gbé wọn. Kò sí ọ̀gá kan níbẹ̀ tó ń ro èwo ni yóò gùn lọ́la. Bí atọ́ka bá lé ilé-iṣẹ́ kan jáde, àpò náà tà á. Bí ó bá mú tuntun wọlé, àpò náà rà á. Nítorí pé iṣẹ́ yìí rọrùn, owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà kéré.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú àpò yìí síwájú gbogbo ènìyàn ni John Bogle, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé-iṣẹ́ Vanguard sílẹ̀. Ní ọdún 1976, ó retí pé àwọn ènìyàn yóò dá mílíọ̀nù 150 dọ́là jọ sínú rẹ̀; nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 péré ló rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní ìwà òmùgọ̀ Bogle. Ta ló fẹ́ san owó kí ó lè rí ohun tí gbogbo ayé rí? Lónìí, irú àpò bẹ́ẹ̀ ló gba apá ńlá nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú ọba.

Kí a tó padà sí Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan ṣàlàyé ìdí tí ríra gbogbo ọjà fi sàn ju yíyan ìpín kan lọ. Ẹ gbà pé ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá péré ló wà lọ́jà, ẹ sì ní ₦100,000. Lẹ́yìn ogún ọdún, mẹ́ta nínú wọn ti kú, ìpín wọn ti di òfo. Mẹ́rin wà níbi tí wọ́n wà. Méjì di ìlọ́po méjì. Ọ̀kan ṣoṣo di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi ₦10,000 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tó kú kò fún yín ní nǹkan kan. Àwọn mẹ́rin tó dúró mú ₦40,000 wá. Àwọn méjì mú ₦40,000 wá. Ọ̀kan yẹn mú ₦100,000 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦180,000. Ọjà náà, lápapọ̀, dára.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gbogbo ₦100,000 sínú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ yàn, ẹ wò ó: nínú yíyàn mẹ́wàá, méje ni kò ní mú èrè kankan wá. Ẹni tó bá yan ọ̀kan nínú méjì yóò ju alápò lọ díẹ̀, yóò ní ₦200,000. Ẹni tó bá yan ọ̀kan náà yóò di olówó, òun náà ni yóò sì máa sọ ìtàn fún wa ní ibi ìgbéyàwó. Àwọn méje yòókù kì í sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń dà bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ló ń jèrè lórí ìpín tí wọ́n yàn.

Èmi ló gbé àwọn nọ́ńbà yẹn kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n bí ọjà gidi ṣe rí kò jìnnà sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hendrik Bessembinder ní Amẹ́ríkà yẹ ìpín gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ti kọjá lọ́jà wọn láti ọdún 1926 wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ó rí i pé èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn ìpín náà kò pa èrè tó èyí tí ẹni tó kàn yá ìjọba lówó fún oṣù kan-kan rí gbà. Ilé-iṣẹ́ bíi mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló gbé gbogbo èrè tí ọjà náà fi ju yíyá ìjọba lówó lọ. Ẹni tó bá ń yan ìpín ń wá mẹ́rin yẹn láàárín ọgọ́rùn-ún, nígbà tí orúkọ wọn kò tíì hàn. Ẹni tó ní àpò atọ́ka kò wá wọn rárá, àmọ́ wọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí Èkó. Ní ọdún 2004, ìjọba pàṣẹ, láti ẹnu Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ nígbà náà, pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 di 25. Láti rí owó náà kó jọ, wọ́n ta ìpín fún aráàlú, aráàlú sì rà á. Lẹ́yìn náà ni àwọn báńkì kan bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ènìyàn lówó láti fi ra ìpín, títí kan ìpín báńkì fúnra wọn. Owó ẹ̀yáwó ń lé iye ìpín sókè, iye ìpín tó gòkè sì ń mú kí ẹ̀yáwó náà dà bí ohun tó dára. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, Atọ́ka Gbogbo Ìpín dé 66,371. Kò tún débẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí ọdún 2009 fi máa parí, ó ti wà ní 20,827. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, gómìnà tuntun, Sanusi Lamido Sanusi, yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan: Afribank, Finbank, Intercontinental, Oceanic àti Union. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, wọ́n fi orúkọ mìíràn dá mẹ́ta tuntun sílẹ̀ dípò wọn. Àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ rí owó wọn gbà. Àwọn tó ní ìpín kò rí kọ́bọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní: ẹni tó fi owó pamọ́ sí báńkì ni báńkì jẹ ní gbèsè, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìpín ni ó ni báńkì, olóhun sì ni òfò máa ń kọ́kọ́ bá.

Ní báyìí, ẹ fi èyí wé atọ́ka. Ẹni tó ní ìpín Afribank nìkan pàdánù gbogbo rẹ̀, kò sì sí sùúrù tó lè dá a padà, bí ó tilẹ̀ dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Atọ́ka náà pàdánù nítorí Afribank, èyí kò ṣeé sẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ohun tí Afribank jẹ́ nínú ọjà ni ó pàdánù. Nígbà tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, àwọn yòókù ń bá ìrìn lọ. Ìṣubú ìpín kan lè má ní àjíǹde. Ìṣubú gbogbo ọjà máa ń ní i, níwọ̀n ìgbà tí orílẹ̀-èdè bá ṣì ń jẹ, tó ń mu, tó ń kọ́lé, tó sì ń pe ara rẹ̀ lórí fóònù.

Ta tilẹ̀ ni àwọn tó gbé ọjà náà dìde? Méjì nínú àwọn ìpín tó gùn lọ́pọ̀ ìlọ́po láti ìgbà náà ni ti Okomu àti Presco, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní oko ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ, ẹ̀yin ènìyàn mi! Nínú gbogbo ariwo yàrá ìròyìn wa ní ọdún 2007, n kò gbọ́ kí ẹnìkan dárúkọ epo pupa àfi nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán bá dé. Ẹni tó bá ní gbogbo ọjà ti ní oko ọ̀pẹ náà láìmọ̀.

Ìyá onírẹsì wa ńkọ́? Òun ló jèrè jù lọ láàárín wa. Ó ta gbogbo ìpín rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2008, oṣù méjì péré kí ọjà tó wó, nítorí pé ọmọ rẹ̀ wọ yunifásítì, owó ilé-ìwé sì pọn dandan. Bí ọmọ náà bá wọlé ní ọdún kejì ni, àwa àti òun ni ì bá jọ sunkún. Mo rántí rẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń ṣàlàyé ọgbọ́n tí òun fi jáde lọ́jà lásìkò.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó bá kàwé, tó sì mọ ìṣirò, lè yan dáadáa. Òótọ́ ni pé ó lè ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n William Sharpe, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1990, tọ́ka sí ohun kan tó rọrùn tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Gbogbo àwa tó ní ìpín lápapọ̀ ni ọjà. Bí èmi bá ju ọjà lọ ní náírà kan, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kéré sí ọjà ní náírà kan. Nítorí náà, kí a tó yọ owó iṣẹ́, àpapọ̀ èrè àwọn tó ń yan kò lè ju ti ọjà lọ. Lẹ́yìn tí a bá yọ owó alágbàtà, owó ọ̀gá tó ń yan àti owó títà-ríra, ó di dandan kí ó kéré sí i. Ẹni tó bá sì ń yan lónìí ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní àwọn amòye tiwọn du náírà kan yẹn.

Àwọn amòye náà gan-an ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 yẹn kan náà dé òpin 2017, Warren Buffett fi àpò atọ́ka àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá 500 ti Amẹ́ríkà ta kò àkójọ márùn-ún tí àwọn amòye yàn. Ọdún àkọ́kọ́ burú fún un, nítorí pé ọjà Amẹ́ríkà wó pẹ̀lú ti ayé. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé, ₦100 nínú àpò atọ́ka, bí a bá fi náírà sọ ọ́, ti di nǹkan bíi ₦226. Èyí tó ṣe dáadáa jù nínú àwọn márùn-ún kò tó ₦188, èyí tó burú jù kò tó ₦103. Àwọn ọ̀gá náà kò ya òmùgọ̀. Owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà ló jẹ apá ńlá nínú èrè náà.

Owó iṣẹ́ yìí ni ohun tí àwọn ará ilé wa kì í béèrè. Bí ₦1,000,000 bá ń pa 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, láàárín ọgbọ̀n ọdún yóò di nǹkan bíi mílíọ̀nù 17.4. Bí ẹnìkan bá ń yọ 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún iṣẹ́ yíyàn, tó wá ku 8, yóò di nǹkan bíi mílíọ̀nù 10. Méjì tó dà bí ẹní fọwọ́ kan ọbẹ̀ lásán ti gbé mílíọ̀nù 7 lọ.

Ní báyìí, n ó sọ àbùkù rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ta nǹkan fún yín láìsọ àbùkù rẹ̀ kò fẹ́ràn yín. Àkọ́kọ́, àpò atọ́ka kì í gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìṣubú gbogbo ọjà. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ sínú ọjà ní ọjọ́ tí atọ́ka dé 66,371 dúró títí di ọdún 2023 kí ó tó rí nọ́ńbà yẹn mọ́. Ohun tó lè dín èyí kù ni ríra díẹ̀díẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀. Kò sí irú àpò yìí ní Nàìjíríà ní ọdún 2008. Nítorí náà, nọ́ńbà atọ́ka gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan ni mo lò, láìka èrè ọdọọdún tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pín, láìsì yọ owó iṣẹ́.

Ẹnìkan kó ₦1,500,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ tí ọjà ga jù ní oṣù kẹta ọdún 2008. Ní ìparí ọdún 2023, tí atọ́ka wà ní 74,773, owó rẹ̀ di nǹkan bíi ₦1,690,000. Ẹnìkejì kò ní iye yẹn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà; ₦100,000 ni ó ń fi sílẹ̀ ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, láti 2008 dé 2022, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. ₦1,500,000 kan náà ni. Ní ìparí 2023, tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦3,680,000. Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ní àwọn ọdún tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn, bíi 2009 àti 2011, tí atọ́ka wà ní nǹkan bíi 20,800, ₦100,000 rẹ̀ ra ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ ju èyí tí ì bá rà ní oṣù kẹta 2008. Ìṣubú tó ba ẹni àkọ́kọ́ lọ́kàn jẹ́ ni ọjà ọ̀pọ̀ fún ẹnìkejì. Ẹni tó ń yan ìpín kan ṣoṣo kò lè fi ọkàn balẹ̀ ṣe èyí, nítorí pé kò mọ̀ bóyá ohun tó ń rà ní ọ̀pọ̀ náà ń kú lọ ni.

Ohun kejì ni náírà. Ní ọdún 2008, dọ́là kan kò tó ₦120. Ní ìparí 2023, ó ti wà ní nǹkan bíi ₦900. Bí a bá fi dọ́là díwọ̀n rẹ̀, àwọn méjèèjì tí mo sọ yìí ló pàdánù, ẹni àkọ́kọ́ sì pàdánù gan-an. Kò sí àpò tó ń tẹ̀lé ọjà Nàìjíríà tó lè tún náírà ṣe. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní ọ̀nà tó bófin mu láti fi apá kan nínú ìfipamọ́ rẹ̀ sí àpò tó ń tẹ̀lé ọjà àgbáyé, ó tọ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará wa ní ìlú ọba ní àǹfààní yìí nítòsí: abẹ́ òfin ìfipamọ́ tí kò ní owó orí níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ISA, ènìyàn lè fi tó 20,000 pọ́ọ̀nù sílẹ̀ lọ́dún, irú àpò yìí sì wà níbẹ̀ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pọ́ọ̀nù kan tàbí méjì lọ lórí ẹgbẹ̀rún pọ́ọ̀nù lọ́dún. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sílé kí ẹ̀gbọ́n wọn bá wọn ra ìpín báńkì.

Ẹ̀kẹta, owó tí ẹ máa lò láàárín ọdún márùn-ún kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Owó ilé, owó ilé-ìwé tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, owó ìtọ́jú ìyá yín: ẹ fi wọ́n síbi tí iye wọn kò ti lè já. Àṣìṣe tèmi ní ọdún 2008 kì í ṣe ti ìpín kan ṣoṣo nìkan. Owó ilé ni mo gbé lọ sí ọjà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn àpò tó ń tẹ̀lé atọ́ka àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá 30 wà lọ́jà ìpín fúnra rẹ̀, ẹ ó sì rí wọn lójú fóònù alágbàtà yín gẹ́gẹ́ bíi `VETGRIF30` tàbí `STANBICETF30`. Bí ẹ ṣe ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ ni ẹ ṣe ń rà wọ́n: ẹ ó lọ sọ́dọ̀ alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ, yóò ṣí àkáǹtì tí a ń kọ ìpín yín sí fún yín, ẹ ó sì máa rà á ní iye tí agbára yín ká. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá díẹ̀ ló tóbi jù nínú ọgbọ̀n náà. Bí sìmẹ́ǹtì, fóònù àti báńkì bá ní ìṣòro lẹ́ẹ̀kan náà, àpò yín yóò mọ̀ ọ́n. Ó gbòòrò ju báńkì kan lọ púpọ̀. Kò gbòòrò tó ti Amẹ́ríkà.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé òun ló lè mú kí ohun rere yìí di kàlòkàlò. Àwọn tó ń ra irú àpò wọ̀nyí lọ́jà wa kò tíì pọ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí àwọn òǹrajà bá dé tí kò sí òǹtajà, iye tí wọ́n ń tà á lè fo kọjá iye gidi àwọn ìpín tó wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni ra àpò gààrì ní ₦60,000 nígbà tí gààrì inú rẹ̀ kò ju ₦40,000 lọ. Bó ti wù kí gààrì náà dára tó, ẹ ti pàdánù kí ẹ tó gbé e délé. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àpò kọ̀ọ̀kan máa ń kéde iye gidi ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lójú ewé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ra tèmi, mo máa ń gbé nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí iye ọjà bá fi díẹ̀ ju iye gidi lọ, mo rà á. Bí ó bá fi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá jù ú lọ, mo fi owó náà sílẹ̀ sínú àkáǹtì mi di oṣù tó ń bọ̀.